Ìdí tí mi ò fi rán aṣọ oníwajawaja: lẹ́tà sí dárẹ́kítọ̀ wa

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ríhásà o. Mo rí fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo sì wò wọ́n dáadáa kí n tó sùn. Nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yé mi: aṣọ péńpé tó ní wajawaja yí ká, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ léjìká, báńdì lórí pẹ̀lú ìyẹ́ ògòǹgò, ìlẹ̀kẹ̀ funfun gígùn tó ń jù sọ́tùn-ún jù sósì. Ẹ wá ní kí n ṣàlàyé ìdí tí aṣọ tí mo rán tẹ́ ẹ rí lára òṣèré wa fi dà bí aṣọ ìyá ìjọ. Mo rẹ́rìn-ín o, ó dẹ̀ dùn mí díẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé a ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tán lórí fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọkọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa bí yín nínú: aṣọ inú fọ́tò yín yẹn, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ní Háléèmù, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú ní Níú Yọ́ọ̀kì, ní 1926. Pọliẹ́sítà ni wọ́n fi rán an, sípáńdẹ́ẹ̀sì wà nínú ẹ̀ kó lè máa fà, wọn ò tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì nígbà yẹn. Létí ẹ̀ wà ní àárín itan. Ní 1922 sí 1923 létí aṣọ obìnrin ṣì wà nísàlẹ̀ ojúgun, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè gidi ní 1925, ìgbà tó fi di 1926 sí 1927 ló tó dé orúnkún, ibẹ̀ náà ló dẹ̀ ga mọ. Nígbà tó di 1928, 1929, wọ́n ti tún ń fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ṣe létí ẹ̀ ní gbágungbàgun, iwájú á kúrú ẹ̀yìn á gùn. Wajawaja wà lóòótọ́, sílíkì ni, ó wúwo, ó wọ́n, àwọn tó lówó ló ń wọ̀ ọ́, kì í dẹ̀ ṣe gbogbo ara aṣọ. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, fíìmù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìparadà ló fún wa.

Mi ò sọ èyí torí pé mo fẹ́ ṣe tíṣà o. Tó bá jẹ́ pé irọ́ yẹn máa ran eré yín lọ́wọ́ mo máa rán an, torí sítéèjì náà kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó máa pa eré yẹn ni. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ fúnra yín: alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní 1926, ilé yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pátì owó ilé. Ìyá onílé ń bọ̀ wá gbowó, owó ò pé, wọ́n tẹ káàdì fún àwọn èèyàn, ẹni tó bá wọlé á san sẹ́ǹtì 25, ẹja díndín àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wà ní kíṣìnì, ẹni kan jókòó sídìí pianó. Irú pátì yẹn wà dáadáa, akéwì Langston Hughes fúnra ẹ̀ kó àwọn káàdì ẹ̀ jọ, wọ́n ṣì wà nílé ìkàwé títí dòní. Ó dẹ̀ nídìí tó fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀, àbí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ fi mú un? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé òyìnbó ní ìrọ̀lẹ́ ìsinmi. Àwọn èèyàn tó ń bọ̀ wá jó nínú eré yín, aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ọmọbìnrin tó ń kọrin yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni lọ́sàn-án, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Níbo ló ti máa rówó aṣọ oníwajawaja?

Ó rán an fúnra ẹ̀ ni. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ní Ṣómólú, aṣọ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi jẹ́ kí n gé láìsí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni bùbá. Ẹ mọ bí a ṣe ń gé bùbá: ẹ ká aṣọ sí méjì, ibi tẹ́ ẹ ká ni èjìká, ẹ ò nílò ojú rírán kankan léjìká, ẹ gé ọrùn, ẹ gé abẹ́ apá wálẹ̀, ó parí. Ọdún tí mo dé Níú Yọ́ọ̀kì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo pátánì ayé 1920, ẹnu yà mí gan-an. Ní 1924, ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan ní ìlú Sìkìráńtìnì ní Pẹnsilféníà, tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ àwọn obìnrin, èyí tí Mary Brooks Picken ń darí ẹ̀kọ́ ẹ̀, gbé ìwé kékeré kan jáde lórí aṣọ téèyàn lè rán láàárín wákàtí kan. Mo tẹ́ pátánì ọ̀hún sórí tábìlì, bùbá ni mo rí! Wọ́n ká aṣọ sí méjì léjìká, wọ́n gé ọrùn, wọ́n gé abẹ́ apá wálẹ̀ dé ìbàdí, ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé bó ṣe dé ìbàdí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ kó fẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n wá ṣẹ́ ẹ jọ kó lè di yẹ̀rì. Mo jókòó tì í, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ìdí tí aṣọ ayé yẹn fi tàn dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù nìyẹn, aṣọ tó rí gbọọrọ tí kò dínkù ní ìbàdí, ẹni tó ní ẹ̀rọ Síńgà nílé, tó tiẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó ẹ̀, lè rí aṣọ Páríìsì nínú ìwé ìròyìn kó sì rán ohun tó jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n fi ti ọmọbìnrin yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Òṣèré wa jẹ́ ínṣì 38 ní àyà, 42 ní ìdí. Láti èjìká títí dé ínṣì méjì nísàlẹ̀ orúnkún jẹ́ 42, mo fi 3 kún un fún kíká létí, ó di 45, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 90, ìyẹn yáàdì méjì àbọ̀ géérégé. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 36 ni mo lò. Ní àyà, mo fún un ní 21 níwájú àti 21 lẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ 42, ìyẹn jẹ́ pé ínṣì 4 ló fi jù ú lọ. Ní ìbàdí mo nílò 23 níwájú, ṣùgbọ́n aṣọ fẹ̀ ní 36, ó ṣẹ́ ku 13, mo pín in sí méjì, ínṣì mẹ́fà àbọ̀ ni mo ṣẹ́ jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀. Tó bá dúró jẹ́ẹ́ ẹ ò ní mọ̀ pé yẹ̀rì yẹn fẹ̀, á kàn rí gbọọrọ bí páìpù. Tó bá wá ju ẹsẹ̀ nínú ijó Tsáásítìnì, ínṣì 72 ló máa ṣí sílẹ̀ yí ká, aṣọ á fò, á tún padà sáyè ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kí wajawaja ṣe fún yín náà nìyẹn, ẹ wá ṣe é ní ríhásà kẹ́ ẹ rí i.

Àǹfààní kejì ni pé aṣọ yẹn ò ní bọ́tìnnì, kò ní síìpù. Orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Nínú ìran kìíní ẹ ní ó wọlé pẹ̀lú kóòtù, aṣọ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì yàrá, ó jáde bí ẹlòmíràn, pianó ò gbọ́dọ̀ dúró. A ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló gbà á, òun nìkan, láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ inú fọ́tò yẹn tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ máa lo tó ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó fà á sókè. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: orí tó ń gbà wọ̀ ọ́ máa ń da wíìgì rú. Mo ti gé ọrùn ẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, mo fi bọ́tìnnì títẹ̀ méjì sí èjìká òsì, ó máa ṣí i, wọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́ pa. Bọ́tìnnì títẹ̀ wà nígbà yẹn dáadáa, síìpù ló jẹ́ pé bàtà òjò ni wọ́n ṣì ń lò ó fún, kò tíì dórí aṣọ obìnrin.

Ó ku apá. Aṣọ tí wọ́n bá gé bíi bùbá, téèyàn bá na ọwọ́ sókè, gbogbo aṣọ á tẹ̀lé e. Ẹ rántí ìyá tó ń jó ní òde tí bùbá ẹ̀ ń gòkè kúrò lára ìró. Níbí, tó bá na ọwọ́ lórí orin tó gbẹ̀yìn, létí aṣọ á gòkè ní ínṣì mẹ́ta, a ó rí ọ̀já ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Mo gé ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, ínṣì mẹ́rin mẹ́rin, mo rán an sí abẹ́ apá méjèèjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i láti ìjókòó, ṣùgbọ́n létí aṣọ ò kúrò níbi tó wà mọ́.

Ẹ wá bi mí léèrè pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí wọ́n tíì gé aṣọ yòókù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé ìgbà wo ni mo ń dúró dè. Omi ni mo ń dúró dè, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo ṣe aṣọ fún eré kan tó jẹ́ ti ayé yìí náà, mo ra kéréèpù réyọ̀nù tó dára, torí pé ìyẹn gan-an ló yẹ, sílíkì àtọwọ́dá ni wọ́n ń pè é kó tó di pé wọ́n fún un lórúkọ réyọ̀nù ní 1924, òun ni tálákà fi ń jọ olówó. Ó wúwo, ó máa ń ṣubú wálẹ̀ dáadáa, pọliẹ́sítà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń wú bíi láílọ́ọ̀nù. Mo gé e, mo rán an, gbogbo èèyàn yìn mí. Lẹ́yìn ìṣeré kẹta wọ́n kó aṣọ lọ fọ̀, ọmọ tó fọ̀ ọ́ ò mọ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni òṣèré náà pè mí wá sí yàrá ìmúra, aṣọ tó ti ń dé ìsàlẹ̀ orúnkún ti di aṣọ òkè orúnkún, èyí tó rọ̀ léjìká ti há a lábẹ́ apá. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Mo tú létí tí mo ká, mo fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ láàárín wákàtí méjì, wọ́n jáde, ṣùgbọ́n ó hàn.

Látìgbà náà, kéréèpù kankan tó bá wọ ilé mi, mo máa gé ínṣì 12 lójú méjèèjì, màá fi gègé yà á, màá rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá sá a, màá lọ̀ ọ́, màá wá fi tépù wọ̀n ọ́n. Èyí tí mo rà fún eré yín, ínṣì 12 tó wà ní ọ̀nà gígùn ti di 10 àbọ̀. Ẹ fi ìyẹn ro aṣọ onínṣì 42, ó ju ínṣì márùn-ún tó máa sọnù. Torí náà gbogbo yáàdì ẹ̀ ti wọ omi lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀bẹ tó kàn án, mo dẹ̀ ra yáàdì 3 dípò méjì àbọ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó fa ọ̀sẹ̀ kan yẹn nìyẹn. Òógùn òṣèré náà omi ni o, kò pọn dandan kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bàjẹ́. Bí òṣèré bá wọ kọ́mú òde òní tó ń gbé ọyàn sókè, tó wá wọ aṣọ gbọọrọ lé e, aṣọ á kọ́kọ́ fi orí ọyàn ṣe òpó, á wá ṣubú látibẹ̀ bí àgọ́, létí iwájú á kúrú ju tẹ̀yìn lọ, èèyàn á dà bí ẹni tó lóyún. Gbogbo wa á ní aṣọ ni kò dáa. Aṣọ ò ṣe nǹkan kan. Ní ayé ọ̀hún wọ́n ń wọ ọ̀já tó ń mú àyà tẹ́jú, lẹ́yìn náà ṣímí. Àní ṣímí tí ìyá wa ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ nílé, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe aṣọ gbọọrọ yìí náà ni. Mo ti rán ọ̀já àyà mẹ́rin, kọ́tọ̀nù tó nípọn ni, okùn ni wọ́n fi ń fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi báńdéèjì onírọ́bà wé àyà rárá, pàápàá ẹni tó ń kọrin, egungun ìhà gbọ́dọ̀ lè ṣí. Ẹ̀rí tí mo fi ń mọ̀ pé ó há jù: mo máa ń ní kí ó kọ ìlà orin tó gùn jù nínú eré náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó so okùn náà, tí ó bá ní láti mí ní àárín ìlà tí kì í mí tẹ́lẹ̀, mo tú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pàṣẹ kí wọ́n máa wọ ọ̀já náà àti bàtà ijó láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ara obìnrin ayé yẹn máa ń fi ìbàdí síwájú, èjìká á rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti fi kọ́mú tirẹ̀ àti sìníkà kọ́ ijó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí a bá kó gbogbo ẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí láìtì dé, á dúró bí ẹni tó wọ aṣọ yíyá. Èyí ló jẹ́ kí aṣọ mi jọ aṣọ ìyá ìjọ lójú yín, ẹ̀gbọ́n: orí kọ́mú ni wọ́n wọ̀ ọ́ lé fún yín lọ́jọ́ yẹn, èmi ò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa wọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú eré yìí, obìnrin olówó tó wá wo pátì mẹ̀kúnnù. Háléèmù náà ní olówó tiẹ̀ nígbà yẹn, A'Lelia Walker tí ìyá ẹ̀ fi òwò ìpara irun là ń gba àwọn akéwì àti olórin lálejò nílé ẹ̀. Mo fẹ́ kí èèyàn mọ obìnrin yìí kó tó sọ̀rọ̀: kí ilé dákẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ ara ẹ̀ máa dún. Tí gbogbo èèyàn bá ń tàn yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ bíi ti fọ́tò yín, kí ni òun máa fi yàtọ̀?

Àmọ́ mi ò ní wá aṣọ àtijọ́ gidi fún un, kẹ́ ẹ má bi mí. Mo ti ṣe é rí. Mo ra ọ̀kan tó jẹ́ ojúlówó, aṣọ sílíkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ kún, ó wúwo tó kílò méjì, orí okùn èjìká méjì tó tó ìka méjì ni gbogbo ìwúwo yẹn gbé rọ̀. Sílíkì tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbẹ nínú, ẹ ò lè fi ojú rí i. Àti pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń ta ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́ aṣọ, òwú kan ni wọ́n ń fi ìkọ́ kékeré fà látẹ̀yìn, ojú kan wọ inú ojú kejì bíi kíróṣéètì, bí òwú bá já níbì kan gbogbo ìlà náà á tú. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó já léjìká lórí sítéèjì. Ìlẹ̀kẹ̀ dà sílẹ̀ bí ìrẹsì, ọmọkùnrin tó ń jó lẹ́yìn ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó fi ọrùn ọwọ́ bàlẹ̀. Ọpẹ́ pé kò ṣẹ́.

Ti obìnrin olówó yìí, mo rán aṣọ abẹ́ kan fún un látinú nẹ́ẹ̀tì kọ́tọ̀nù, ó fẹ̀ léjìká, òun ló máa gbé ìwúwo, sílíkì tó wà lókè kàn ń sin ìlẹ̀kẹ̀ náà ni. Bí àwọn telọ Èkó ṣe ń ta òkúta mọ́ léèsì ìyàwó ni mo ṣe ta á, abẹ́rẹ́ àti òwú olójú méjì, mo ń di kókó lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Bí òwú bá já, márùn-ún ló máa bọ́, kì í ṣe igba. Àyà àti létí nìkan ni ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ sí, àárín fúyẹ́, ẹni tó wà ní ìjókòó kẹta gan-an ò ní mọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ jókòó lórí àga onígi yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ á fọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó máa dúró. Obìnrin bẹ́ẹ̀ ò tiẹ̀ ní fẹ́ jókòó nínú ilé yẹn.

Fìlà. Ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu lórí fìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Fìlà ayé yẹn, èyí tó dà bí agogo tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, obìnrin á fà á wálẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, á ní láti gbé àgbọ̀n sókè kó tó ríran, ìgbéraga tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò wọn yẹn, ìdajì ẹ̀ fìlà ló fà á. Lórí sítéèjì, láìtì wa ń ti òkè iwájú bọ̀, etí fìlà á sọ òjìji sí ojú títí dé imú, òṣèré á máa sọ̀rọ̀ láti inú ihò. Pẹ̀lú maikirofóònù tó wà níwájú irun, fẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣe fìlà náà á máa họ ọ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí eku nínú àpótí. Ohun tí mo ṣe: mo fi oru rọ fẹ́ẹ̀tì náà lórí igi, mo gé etí iwájú kù sí ìdajì ínṣì, mo yí i sókè, mo fi ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ṣì jọ ọ́. Mo sì bẹ̀ yín kó bọ́ ọ kó tó sọ gbólóhùn kẹta, ẹ fún un ní ìkọ́ kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ tún bi mí nípa àwọ̀, pé gbogbo fọ́tò ayé yẹn tẹ́ ẹ rí, dúdú ni gbogbo èèyàn wọ̀. Mo lo ọjọ́ méjì nílé ìkàwé Ṣọ́ńbọ̀ọ̀gì ní Háléèmù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo tún wo gbogbo iṣẹ́ ayafọ́tò James Van Der Zee tí mo lè rí, òun ló ya ojú Háléèmù nígbà yẹn, ìyàwó, ológun, ìjọ, gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ fíìmù kámẹ́rà ayé ọ̀hún ò kì í rí pupa, aṣọ pupa á jáde bíi dúdú, búlúù á jáde bíi funfun. Torí náà ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó wọ dúdú yẹn lè jẹ́ pupa fòò ló wọ̀. Ti ọmọbìnrin wa, mo yan pupa rúsúrúsú, ti bíríkì tí òjò pa. Láìtì yín ti pọ́n bí òyìn, búlúù máa kú sábẹ́ ẹ̀, á di eérú, mo ti gbé ègé mẹ́ta lọ síwájú láìtì yẹn pẹ̀lú onílàìtì wa, ó rí i. Pupa yìí gba iná, ó sì bá àwọ̀ ara ẹ̀ mu. Epírọ́ọ̀nù ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ funfun, mo ti rì í sínú omi tíì dúdú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọwọ́ ẹ ó rò pé ó dọ̀tí, lábẹ́ iná á funfun láìgún ojú, kò ní jẹ́ kí èèyàn máa wo epírọ́ọ̀nù dípò ojú.

Àwọn ọkùnrin ò ní wàhálà. Sòkòtò gòkè dé ìdodo, sásípẹ́ndà ló ń gbé e, wesikóòtù bò ó, kọ́là tó ń yọ. Ẹni tó ń fun kàkàkí nìkan ni mo fi aṣọ kékeré sí abẹ́ apá kóòtù ẹ̀ bíi ti obìnrin yẹn, torí ó ń gbé ọwọ́ sókè ní gbogbo ìgbà. Ṣáàtì mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òógùn. Ìyá àgbà tó ń gbé ilé yàrá mẹ́ta náà, létí tiẹ̀ ṣì dé ìsàlẹ̀ ojúgun bíi ti 1922, aṣọ tó dáa tó kẹ́yìn tó rà nìyẹn, ìgbà tí ọkọ ẹ̀ wà láàyè. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú eré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí òun àti ọmọ ẹ̀ bá dúró ti ara wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ wo létí aṣọ méjèèjì.

Wajawaja, mo ti gbọ́ yín. Mo fi ọ̀kan sí i: síkáàfù sílíkì tí obìnrin olówó yẹn sọ sí èjìká, wajawaja ẹ̀ gùn ní ínṣì mẹ́jọ, ó máa fi í sílẹ̀ lórí pianó nígbà tó bá ń lọ, ọmọbìnrin á sì mú un. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká dán an wò ná.

Fítìn ń bẹ lọ́jọ́ Wẹ́sidé, aago mẹ́rin. Ẹ ní kí òṣèré wa gbé bàtà ijó ẹ̀ dání, mo fẹ́ lẹ rọ́bà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kí n tó wọn létí aṣọ, torí gìgísẹ̀ onínṣì méjì ló máa wọ̀, tí mo bá fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀n ọ́n a ó tún un ṣe ni. Ẹ̀yin náà ẹ wá. Ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ kó tó fi ọ̀já àyà sí i o.

Àbúrò yín, onímọ̀ aṣọ